Bíípì tó ga lẹ́yìn ìpayà tàbí ìrora: bí ẹ ṣe máa tún un yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ọ̀sán Sátidé ni, màmá kan ládùúgbò wa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà ní Ìwó Road, bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ báyìí ni ọ̀kadà kan já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó gbá wọn, wọ́n ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbalẹ̀. Orí ò kan ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, àmọ́ ọrùn ọwọ́ yẹn wú lójú ẹsẹ̀ bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá wú. Àwọn èèyàn gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan tó wà nítòsí, kí wọ́n tó jókòó dáadáa ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti wé ẹ̀rọ bíípì mọ́ wọn lápá, orí bùbá tí wọ́n wọ̀ ló wé e lé, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣàlàyé bí ọ̀kadà ṣe gbá wọn, èrò ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó jáde ni 192 lórí 108, ọkàn wọn sì ń lù ní ìgbà 118 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ náà ní "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti le gan-an o, ẹ dúpẹ́ pé ẹ yà síbí." Ó ti ń tú nifẹ́dípìn jáde tó fẹ́ kí wọ́n fi sábẹ́ ahọ́n, ó sì tún ti kó oògùn oṣù kan sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ wọn obìnrin ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni mí, Bódìjà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó fún ọmọ náà ní fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ má fi nǹkan kan sí màmá lẹ́nu kí n tó dé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sọ pé ẹ̀rọ yẹn parọ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan màmá lè ga gan-an lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpayà àti ìrora ni nọ́ńbà yẹn ń ròyìn, kò tíì lè sọ fún yín bí bíípì wọn ṣe ń rí lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn la sì ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí náà mo fẹ́ sọ bá a ṣe ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ni tó bá bá ara rẹ̀ nírú ẹ̀ mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe àti ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Tí nǹkan bá dẹ́rù bà yín, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí nǹkan kékeré méjì kan tó jókòó sórí kíndìnrín, ìyẹn á tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì. Omi yìí máa ń jẹ́ kí ọkàn lù kíákíá kó sì lù tagbáratagbára, ó tún máa ń fún ọ̀pọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀. Ẹ ti fi rọ́bà bomi rin ewébẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fún ẹnu rọ́bà yẹn, omi á tú jáde pẹ̀lú agbára, ká má tíì wá sọ pé ẹnì kan tún lọ ṣí ẹ̀rọ omi sí i lẹ́yìn. Bó ṣe ń rí nínú iṣan nìyẹn. Ara ń múra láti sá tàbí láti jà ni, kì í ṣe àìsàn.

Ibi tí ìpayà àti ìrora ti yàtọ̀ síra rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ọ́n. Adirẹnalíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń pòórá, torí náà tí ohun tó ń dẹ́rù bani bá ti lọ, tẹ́nì náà jókòó tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, bíípì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Àmọ́ ní ti ìrora, ohun tó ń pe adirẹnalíìnì yẹn ò tíì lọ. Bí eyín bá ṣì ń dunni, bí ọwọ́ bá ṣì ń ta kìkì, ara á máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀ ni, bíípì lè má wálẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ó lè má wálẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì pàápàá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé ti ìpayà, ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, ti ìrora, ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì tún un yẹ̀ wò nígbà tí ìrora bá ti tán.

Kẹ́ ẹ tó dúró: ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dúró

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ màmá ni mo ti ń bi ọmọ wọn léèrè lórí fóònù, torí gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ nípa sùúrù, ó wà fún ẹni tí kò ní àmì ewu ni. Ṣé àyà ń dùn wọ́n, bí ẹni gbé òkúta lé e? Ṣé wọ́n ń mí dáadáa? Ṣé ọ̀rọ̀ wọn já gaara, ẹnu ò wọ́, apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan ò rọ? Ṣé ojú wọn ń ríran bó ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀? Ṣé orí ń fọ́ wọn lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, ṣé wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, ṣé gìrì mú wọn? Tí ọ̀kan péré bá wà níbẹ̀, pàápàá tí bíípì bá ti tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ má dúró tún nǹkan kan yẹ̀ wò, ẹ gbéra lọ sọ́sibítù, ẹ̀ka pàjáwìrì, yálà UCH ni tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Tí ojú, ọwọ́ tàbí ọ̀rọ̀ bá sì ti yí báyìí, kódà tí bíípì ò tó iye yẹn, ẹ gbéra náà.

Ẹni tó forí gbalẹ̀ nínú jàǹbá, tó wá ń bì, tó ń tòògbé, òun náà ò sí nínú àwọn tó ń dúró. Aláboyún náà ò sí nínú wọn, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tí aláboyún bá rí 140 lórí 90, kódà kó jẹ́ pé ajá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e, kó lọ sí ibi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún lọ́jọ́ yẹn gan-an kí wọ́n bá a tún un yẹ̀ wò kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ 160 lórí 110, ìyẹn ti di ká sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ aláboyún yìí, ẹ má fi ṣeré.

Màmá ò ní ìkankan nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, wọn ò tíì lo oògùn bíípì rí.

Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí wọ́n fi oògùn yẹn sábẹ́ ahọ́n

Àṣà yìí wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn níbí, bóyá níbi gbogbo. Wọ́n á lu nifẹ́dípìn tó ń ṣiṣẹ́ kíá, wọ́n á fi sábẹ́ ahọ́n, bíípì á já wálẹ̀ wìì, gbogbo ayé á máa dúpẹ́. Ohun tí ò dáa níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí bíípì yẹn máa já dé. Ọpọlọ àti ọkàn nílò kí ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú agbára tó tó, tẹ́ ẹ bá ṣàdédé fà á lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibi tó yẹ kó dé, ó sì ti sọ àwọn kan di alárọpárọsẹ̀, ó ti jẹ́ kí ọkàn àwọn míì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣe kọ̀ ọ́. Ẹ wá wò ó fún ẹni tí bíípì rẹ̀ ga torí ìpayà nìkan, bíípì yẹn fúnra ẹ̀ ti ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ tún wá fi oògùn tì í lẹ́yìn, ibo ló máa balẹ̀ sí?

Ẹni tó ti ń lo oògùn bíípì tẹ́lẹ̀ náà, tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí i, kó lo iye tó ń lò, lásìkò tó ń lò ó. Kó má fi òmíì kún un torí nọ́ńbà kan tó rí lẹ́yìn tí ọmọ já lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

Bá a ṣe tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn

Ìrora la kọ́kọ́ kojú, kì í ṣe bíípì. Mo fi gèlè wọn gbé ọwọ́ yẹn kọ́ ọrùn, ọmọ wọn lọ ra omi dídì inú ọ̀rá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń kiri, a wé e sínú aṣọ ìnura, a gbé e lé ibi tó wú fún bí ìṣẹ́jú 15. Wọ́n gbé parasitamọ́ọ̀lù 500 méjì mì, torí wọn ò ní àìsàn ẹ̀dọ̀, wọn ò sì tíì lo òmíì láti àárọ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fún wọn ní dikilofẹ́náákì, mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, torí dikilofẹ́náákì àti aíbúpùrófìn máa ń gbé bíípì àwọn kan sókè díẹ̀, ó sì máa da gbogbo ohun tá a fẹ́ mọ̀ rú.

Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n lọ tọ̀. Ó lè jọ nǹkan yẹpẹrẹ lójú yín, àmọ́ àpòòtọ̀ tó kún máa ń gbé bíípì sókè. Màmá ní àti àárọ̀ táwọn ti kúrò nílé làwọn ò tíì tọ̀.

A wá gbé àga sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ariwo ò pọ̀ sí. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, wọn ò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo bọ́ ọwọ́ bùbá kúrò lápá òsì, torí apá ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, a kì í sì í wọn bíípì ní apá tó fara pa. Mo gbé apá òsì yẹn lé orí tábìlì, mo fi ìrọ̀rí kékeré sábẹ́ ẹ̀ kó lè bá àyà dọ́gba. Tí apá bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà tó máa jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá yẹn, tá à ń pè ní kọ́ọ̀fù, òun náà la tún yẹ̀ wò. Èyí tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lò kéré fún màmá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká apá wọn, ó kàn lẹ̀ mọ́ra ní ẹnu ni. Kọ́ọ̀fù tó kéré máa ń jẹ́ kí bíípì ga ju bó ṣe wà lọ, tó bá sì tóbi jù, á jẹ́ kó kéré. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n apá tó wà fún sára ẹ̀, 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà fún èyí tó wọ́pọ̀, 32 sí 42 fún èyí tó tóbi. Téèpù télọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọn agbedeméjì apá láàárín èjìká àti ìgúnpá. Apá màmá jẹ́ 35. Kọ́ọ̀fù ńlá wà nínú báàgì mi, òun la lò, ara awọ ara la sì wé e mọ́, kì í ṣe orí aṣọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi jókòó kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Wọn ò sọ̀rọ̀, àwa náà ò bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ará Ìbàdàn ò ní rẹ́ni tí ọ̀kadà gbá kó má bi í pé "ṣé ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀ ṣá?" Mo ní kí ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa dá àwọn olùbánikẹ́dùn lóhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi nǹkan bíi 10 kún nọ́ńbà òkè.

Ohun míì tí mo ṣe ni pé mo kọ ojú ẹ̀rọ yẹn sí ọ̀dọ̀ ara mi. Màmá ti gbọ́ 192, ó ti dẹ́rù bà wọ́n, bí wọ́n bá tún ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń gun òkè, ọkàn wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan á yẹ bíípì ara ẹ̀ wò, á rí 165, àyà ẹ̀ á já, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, 174, á tún un ṣe, 181, ó ti ń kọ ìwé ìhágún lọ́kàn. Ẹ̀rù ni ẹ̀rọ ń wọ̀n nígbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa ń tú kọ́ọ̀fù sílẹ̀, mo sì ń fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Wákàtí kan sí ìgbà tí ọ̀kadà gbá wọn nìyẹn. Àkọ́kọ́ jẹ́ 164 lórí 94, ìkejì 156 lórí 90, ìkẹta 154 lórí 90. Àkọ́kọ́ la máa ń fi sílẹ̀ torí ó sábà máa ń ga jù, a máa ń ro méjì tó kẹ́yìn pọ̀ ká pín in sí méjì, ìyẹn sì jẹ́ 155 lórí 90. PUL tó wà lójú ẹ̀rọ, ìyẹn bí ọkàn ṣe ń lù, ti kúrò ní 118, ó ti di 88. Ẹ máa wo PUL yẹn dáadáa. Tí bíípì bá ga tí PUL náà ga, ara ò tíì rọlẹ̀ nìyẹn, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́. Àmọ́ tí PUL bá wálẹ̀ tí bíípì ò wálẹ̀, ìyẹn ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sì sọ pé kì í ṣe òun.

Ẹ rí i pé 192 ti di 155 láìlo oògùn bíípì kankan. Díẹ̀ nínú ohun tó lọ yẹn jẹ́ ìpayà, díẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀fù tó kéré, díẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìtọ̀, a ò lè mọ èwo ló kó èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ 155 náà ṣì ga ju 140 lọ, ìyẹn iye tí àwọn dókítà fi ń pààlà ní ọ́fíìsì wọn, 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀. Ọmọ wọn ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni àbí kì í ṣe òun?" Mo ní mi ò tíì mọ̀, torí ọwọ́ wọn ṣì ń dùn wọ́n. Ká ní lẹ́yìn ìsinmi yẹn ni bíípì ṣì wà ní 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ǹ bá ní kí wọ́n rí dókítà lọ́jọ́ yẹn náà, kódà láìsí àmì ewu kankan.

A lọ sọ́sibítù nírọ̀lẹ́ yẹn fún ẹ́síréè ọwọ́. Eegun ò ṣẹ́, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, 192 náà wà níbẹ̀, mo sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, ó ń sunkún, kọ́ọ̀fù kékeré, orí aṣọ." Ẹ má ju nọ́ńbà tó ga nù o. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀ sí i lára.

Ìgbà tí ìrora ti tán

Mo sọ fún màmá pé kí wọ́n má yẹ bíípì wò títí dìgbà tí wọ́n á fi lè fọwọ́ méjèèjì dé gèlè láìfajúro. Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méje.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó mu tíì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, wọ́n á jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín. Lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, ohun kan náà. Kọ́ọ̀fù apá la lò, mi ò fẹ́ràn ti ọrùn ọwọ́, torí tẹ́ni tó ń lò ó ò bá gbé ọwọ́ sí déédéé àyà, irọ́ ló máa pa. Màmá fẹ́ràn obì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ tó bá ti ku ìdajì wákàtí tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí. Wọ́n sì gbà, wọ́n ní wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ga díẹ̀, 148 lórí 90 láàárọ̀, 142 lórí 86 lálẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ara ò tíì mọ ẹ̀rọ yẹn, ìdí nìyí tá a fi máa ń yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò. Tí ọjọ́ kẹta bí àpẹẹrẹ: àárọ̀ 134 lórí 84 àti 130 lórí 82, alẹ́ 132 lórí 80 àti 128 lórí 82. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù fún wa ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. A ro gbogbo nọ́ńbà òkè, ó jẹ́ 3144, a pín in sí 24, ó di 131. Tìsàlẹ̀ jẹ́ 1968, a pín in sí 24, ó di 82.

Nílé, ààlà kì í ṣe 140 lórí 90 mọ́ o, torí ara máa ń balẹ̀ nílé ju ọ́fíìsì dókítà lọ. 135 lórí 85 ni. 131 lórí 82 wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n mú ìwé yẹn lọ bá dókítà, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò lápá méjèèjì, ó rí 136 lórí 84, ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa gba oògùn báyìí, àmọ́ kò jìnnà sí ààlà, kí wọ́n dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Oògùn oṣù kan tí wọ́n fẹ́ rà yẹn, ká ní wọ́n rà á ni, wọ́n á máa lò ó lójoojúmọ́ torí ọ̀kadà kan.

Ìgbà tí ìrora kàn ṣí aṣọ lójú ohun tó ti wà níbẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ka èyí tán, á sì sọ pé "àá, bíípì mi tó ga níjelòó, wàhálà ló fà á" kó sì gbàgbé ẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ìdí tí mo sì fi ń sọ pé ẹ tún un yẹ̀ wò, dípò kí n ní ẹ gbàgbé ẹ̀.

Bàbá kan tó ń gbé nítòsí Mọ́lété, oníṣẹ́ káfíńtà, eyín ló ń dùn wọ́n, wọn ò sùn fún ọjọ́ méjì. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ yọ eyín yẹn ni wọ́n ti bá 174 lórí 102. Gbogbo ilé gbà pé eyín ni. Eyín kúrò, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ojú ibẹ̀ san, wọ́n ń jẹ ẹran, wọ́n ń sùn dáadáa. Wọ́n ṣe ọjọ́ méje bíi ti màmá, a yọ ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tó jáde ni 149 lórí 94. Wọ́n lọ sí kílíńníìkì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì láàárín, ìgbà àkọ́kọ́ 152 lórí 96, ìkejì 150 lórí 94. Ìrora ti lọ, bíípì ò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti wà níbẹ̀ kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, eyín kàn gbé e sókè sí i débi tẹ́nì kan fi rí i ni. Oògùn wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, lórí nọ́ńbà tó dúró, dókítà sì mọ iye tó máa fún wọn torí ó mọ ibi tí bíípì wọn ń gbé gan-an. Ká ní 174 ló fi díwọ̀n ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oògùn yẹn pọ̀ jù, kí bàbá máa dìde lórí bẹ́ńṣì iṣẹ́ kí ojú máa ṣú wọn.

Ìgbà kan wà tí ọ̀nà yìí ò ṣeé tọ̀. Ẹni tí ìrora ẹ̀ ò ní tán, bí orúnkún tó ti ń dunni fún ọdún márùn-ún tàbí ẹ̀yìn tí ò gbádùn, a ò lè ní kó dúró dìgbà tí ìrora bá lọ, kò ní lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ṣe ọjọ́ méje ẹ̀ láwọn ọjọ́ tí ìrora bá wà bó ṣe sábà máa ń wà, kó kọ oògùn ìrora tó ń lò sínú ìwé náà, dikilofẹ́náákì pàápàá, kí dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn yẹn ló ń gbé e sókè kó sì pààrọ̀ ẹ̀. Bíípì tó bá ga lójoojúmọ́ torí ìrora ojoojúmọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ní béèrè ohun tó fà á kó tó bà jẹ́.

Màmá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n padà, 134 lórí 82. Wọ́n ní ọbẹ̀ ilé àwọn ò dùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ti ń mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń sọ̀ nínú máíkírà báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ yọrí wo ẹ̀yìn.